Yíyọ Kámẹ́rà Kúrò Nínú Dígí Láì Ba Yàrá Jẹ́

Nínú gbogbo ohun tí oníbàárà máa ń bẹ ayàwòrán pé kó bá òun yọ kúrò nínú fọ́tò, èyí tó bá wà nínú dígí ló le jù. Bí bébà kan bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, a lè fi àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bò ó, kò sì sẹ́ni tí yóò fura. Ohun tó wà nínú dígí kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kan náà ni dígí ń fi hàn, àmọ́ apá tí a kọ ẹ̀yìn sí ni. Bí a bá pa nǹkan kan rẹ́ níbẹ̀, ohun tí a ó fi dí àlàfo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn nǹkan náà gan-an nínú yàrá, kó tóbi bó ṣe yẹ, kó kọjú síbi tó yẹ. Ẹni tó ń wo fọ́tò lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yóò máa padà síbẹ̀ ṣáá.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí òun ni a sábà máa ń bá nínú dígí jù, òun nìkan sì ni ohun tí a kò lè kọ́kọ́ gbé kúrò kí a tó ya fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ àga tàbí garawa ni, a ó ní kí wọ́n gbé e jáde. Kámẹ́rà kò ṣeé gbé jáde, òun ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí dígí ṣe ń ṣiṣẹ́. Dígí pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri dà bí fèrèsé tó ṣí sínú yàrá kejì. Yàrá kejì yìí jọ tiwa láìku síbì kan, àfi pé ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì. Ohun tó bá jìnnà sí dígí ní mítà méjì níhìn-ín, mítà méjì náà ni yóò fi jìnnà sí i lọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí kámẹ́rà bá dúró ní mítà 2 sí dígí, àwòrán rẹ̀ kò sí ní mítà 2 sí i, mítà 4 ni: méjì dé ojú dígí, méjì mìíràn wọ inú lọ. Bí ògiri ẹ̀yìn bá jìnnà sí dígí ní mítà 4, mítà 6 ni kámẹ́rà fi ń wò ó nínú dígí. Gbogbo ohun tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí, inú ìṣirò kékeré yìí ló ti jáde.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán kò fọkàn sí. Ẹ fa okùn kan láti ojú kámẹ́rà lọ bá ògiri tí dígí wà lára rẹ̀, kí okùn náà lọ tààrà, kó má fì sọ́tùn-ún, kó má fì sósì, kó má lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ibi tí okùn náà bá ti kan ògiri ni ojú kámẹ́rà yóò ti rí ara rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tó tún lè ti rí i. Bí okùn bá kan dígí, kámẹ́rà wà nínú fọ́tò nìyẹn. Bí ó bá kan ògiri lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, kò sí níbẹ̀, ibi yòówù kí a dorí kámẹ́rà kọ. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá láàyè fi máa ń gbé kámẹ́rà sún kọjá etí dígí, tí yóò jẹ́ kí ó kọjú sí ògiri gbọọrọ láì yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò lo lẹ́ńsì tó ń rí ibi tó fẹ̀, tí yóò sì gé apá tí kò wúlò dànù nígbà tó bá dé ìdí kọ̀ǹpútà. Dígí yóò dà bí ẹni pé a dúró síwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà kò sí nínú rẹ̀. Àwọn lẹ́ńsì kan wà tó ṣeé sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ owó wọn kì í ṣe kékeré.

Ààyè ni kì í sábà sí. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù àwọn onídìrí wa. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan tó fẹ̀ tó mítà 2 péré, tó sì gùn ní mítà 4. Dígí ńlá kan wà lára ògiri iwájú, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 150, àárín gbùngbùn ni wọ́n kàn án mọ́. Pákó tí wọ́n ń to ìpara àti ọṣẹ irun sí wà nísàlẹ̀ dígí. Oníbàárà kan jókòó lápá òsì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí irun rẹ̀. Lára ògiri ẹ̀yìn, kàlẹ́ńdà kan wà pẹ̀lú pósítà oríṣiríṣi irun. Ìyá onídìrí fẹ́ fọ́tò tí yóò fi polówó, tí irun oníbàárà yóò hàn láti ẹ̀yìn, tí ojú rẹ̀ yóò sì hàn nínú dígí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ rí kámẹ́rà yín nínú dígí mi o.”

Kí kámẹ́rà tó lè kúrò nínú dígí pátápátá níbẹ̀, a ní láti gbé e sún tó 90 sẹ̀ǹtímítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Yàrá kò gbà á. Láti àárín dé ògiri ẹ̀gbẹ́, mítà 1 péré ni, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé kò sì lè fẹ́ra nínú sẹ̀ǹtímítà 10 tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, a ó ya fọ́tò náà láti àárín bó ṣe wù wá, a ó sì yọ kámẹ́rà lẹ́yìn náà. Fọ́tò méjì la ó yà. Èkíní ni fọ́tò gidi. Èkejì wà fún kí a lè rí ohun tí kámẹ́rà fi ara bò nínú èkíní.

Kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, a ó nu dígí náà dáadáa. Èyí ju ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lọ. Ìdọ̀tí àti ipa omi wà lójú dígí, kò sí nínú yàrá kejì, nítorí náà kì í bá ògiri ẹ̀yìn rìn pọ̀ nígbà tí kámẹ́rà bá sún. Bí a bá fi í sílẹ̀, a ó kó o wọlé mọ́ ohun tí a fẹ́ fi dí àlàfo. Lẹ́yìn náà, a ó fi tépù fa ìlà kan sílẹ̀ ní mítà 2 sí ògiri dígí, kó bá ògiri náà lọ déédéé láti ẹ̀gbẹ́ kan yàrá dé èkejì. Orí ìlà yìí ni kámẹ́rà yóò wà nígbà méjèèjì.

Fọ́tò èkíní: kámẹ́rà wà ní àárín, ó kọjú sí dígí gbọọrọ. Ayàwòrán fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ó sì bọ́ síta, nítorí èèyàn fẹ̀ ju ẹsẹ̀ kámẹ́rà lọ, kò sì sídìí láti fi kún iṣẹ́ ara ẹni. Ohun tó kù nínú dígí ni kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a kò jẹ́ kó ya púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé èyí tí dígí fi hàn lára rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Níwọ̀n ìgbà tí àwòrán rẹ̀ wà ní mítà 4, tí dígí sì wà ní mítà 2, ìdajì ìbú yẹn ni yóò gbà lójú dígí, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 15. Ògiri ẹ̀yìn wà ní mítà 6, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 15 lójú dígí yóò bo 45 lára ògiri náà. Ìbú ògiri yìí ni a ń wá, bóyá ìdajì kàlẹ́ńdà náà sì wà nínú rẹ̀.

Fọ́tò èkejì: a gbé kámẹ́rà sún sọ́tùn-ún ní sẹ̀ǹtímítà 60 lórí ìlà tépù, láì yí orí rẹ̀ padà. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí gbogbo nǹkan inú dígí ti sún, ṣé kámẹ́rà kò tún ní bo ibi kan náà ni? Kò ní bò ó, nítorí wọn kì í sún bákan náà. Lójú dígí, àwòrán kámẹ́rà máa ń bá kámẹ́rà rìn tààrà, nítorí náà ó sún 60. Ògiri ẹ̀yìn jìnnà ju àwòrán kámẹ́rà lọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta ìrìn náà ló sún, ìyẹn 40. Kámẹ́rà ti fi 20 ya ògiri sílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 15 péré ló sì bò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó fi ara bò ti hàn gbangba, sẹ̀ǹtímítà 5 sì tún ṣẹ́kù láàárín àwọn méjèèjì.

Ìyẹn ló fà á tí mo fi ń bá àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán jiyàn lórí sísún kámẹ́rà díẹ̀. Nínú yàrá tí a mú yìí, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a bá sún ló ń di èrè. Ẹni tó bá sún 30 yóò rí 10 péré gbà, sẹ̀ǹtímítà 5 nínú ohun tó ń wá yóò sì ṣì wà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹni tó bá sún 45 yóò rí 15, etí méjèèjì yóò kanra, kò sì ní sí ibi tí yóò ti pa etí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Bí ògiri ẹ̀yìn bá tún wá sún mọ́ kámẹ́rà ju báyìí lọ, ó di dandan kí ìrìn náà pọ̀ sí i. Bí ẹ̀yìn kámẹ́rà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri, ọ̀nà yìí kò lè ṣiṣẹ́ rárá, nítorí àwọn méjèèjì yóò máa rìn pọ̀ ni.

Láàárín fọ́tò méjèèjì, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ yí padà lára kámẹ́rà. A ó gba ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀: bí ojú rẹ̀ ṣe là tó, bí ó ṣe pẹ́ tó kó tó pa á dé, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, àti ibi tí ojú rẹ̀ mú jù, ọwọ́ wa ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Férémù dígí wà ní mítà 2, ògiri inú dígí wà ní mítà 6, nítorí náà bí férémù bá mú kedere, ògiri yóò ṣú díẹ̀. Ṣíṣú yẹn gbọ́dọ̀ rí bákan náà nínú fọ́tò kejì. Bí kámẹ́rà bá lọ fúnra rẹ̀ mú ògiri kedere, ohun tí a ó lẹ̀ mọ́ àlàfo yóò mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, yóò sì dà bí ẹni pé a gé e láti inú ìwé ìròyìn. Ní ti iná, ẹ yára láàárín méjèèjì. Bí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́yìn èkíní, tó kù ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan, àwọ̀ ògiri yóò yí padà, òjìji yóò sì ṣubú síbòmíràn. Èyí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí èèyàn máa fi kọ̀ǹpútà tún ṣe. Ẹ dúró kí iná dé, kí ẹ tún méjèèjì yà.

Nígbà tí a bá dé ìdí Photoshop tàbí GIMP, a ó gbé fọ́tò kejì lé orí èkíní, a ó sì yan Difference níbi tí wọ́n ti ń sọ bí ìpele òkè yóò ṣe dà pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ibi tí fọ́tò méjèèjì bá ti bára mu yóò di dúdú, ibi tí wọn kò bá ti bára mu yóò máa tàn. Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ojú máa ń sáré lọ sára férémù dígí nítorí òun ló hàn jù, èèyàn yóò sì máa sún fọ́tò òkè títí férémù yóò fi dúdú. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ògiri ẹ̀yìn yóò fi gbogbo sẹ̀ǹtímítà 40 yẹn ṣìnà lójú dígí. Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ máa wò. Ẹ sún fọ́tò òkè títí kàlẹ́ńdà inú dígí àti etí pósítà yóò fi dúdú, kí ẹ sì jẹ́ kí férémù yapa bó ṣe fẹ́. Ẹ má fẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un pọ̀. Níwọ̀n bí kámẹ́rà ti rìn lórí ìlà tépù, tí ògiri ẹ̀yìn sì kọjú sí dígí gbọọrọ, ìwọ̀n ògiri náà kò yí padà nínú fọ́tò méjèèjì. Bí ó bá di pé ẹ ní láti fẹ̀ ẹ́ kó tó bára mu, kámẹ́rà kúrò lórí ìlà nìyẹn, tàbí kí orí rẹ̀ ti yí.

Tó bá ti dúdú, ẹ dá ìdàpọ̀ náà padà sí Normal, ẹ fi Layer Mask bo gbogbo fọ́tò òkè, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ṣí ibi tí kámẹ́rà àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nìkan. Ojú oníbàárà, irun rẹ̀ àti àwọn ìgò ìpara yóò ṣì jẹ́ ti fọ́tò èkíní. Ẹ ṣọ́ra níbi tí orí ìgò bá ti yọ síwájú dígí: ìgò náà wà níhìn-ín, ògiri wà lọ́hùn-ún, búrọ́ọ̀ṣì kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ létí.

Ọ̀rọ̀ dírayà ńlá tí wọ́n ń dé lé orí wá kù. Ká ní ó dúró ní mítà 1 sẹ́yìn kámẹ́rà, ìyẹn mítà 3 sí dígí, tí ẹsẹ̀ kámẹ́rà sì bo apá kan rẹ̀. Dírayà sún mọ́ wa ju ògiri lọ, nítorí náà kò ní bá ògiri sún. Lójú dígí, 36 ló máa sún, nígbà tí ògiri sún 40. Bí a bá ti mú ògiri bára mu, dírayà yóò fi sẹ̀ǹtímítà 4 yapa, ọwọ́ rẹ̀ yóò dá sí méjì níbi etí ohun tí a lẹ̀. Àmì tí a fi ń mọ iṣẹ́ tí a kù gìrì ṣe nìyí: ìlà kan tó ń bọ̀ gbọọrọ, tó já lójijì, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tó yá jù ni kí a ti dírayà kúrò kí a tó ya èkíní, ó kúkú ní táyà. Bí ó bá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò kejì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ̀dà kan bá ògiri mu, kí èkejì bá dírayà mu, kí ẹ sì ṣí apá tó yẹ lára kálukú wọn.

Nígbà mìíràn, fọ́tò ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kò sí èkejì. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá ṣì wà bó ṣe wà, ẹ lè padà lọ ya ògiri ẹ̀yìn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí dígí, ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ sì yà á. Ògiri pẹlẹbẹ ṣeé fà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi jókòó síbi tó yẹ, ibi yòówù kí a ti yà á. Ohun tó bá yọ síta lára rẹ̀, bí àga tàbí fáànù, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a rí láti ibí yàtọ̀ sí èyí tí dígí rí. Ẹ rántí Flip Horizontal kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Mo ti rí ìpolówó tí ìdajì kàlẹ́ńdà inú dígí kọ orúkọ oṣù sódì, tí ìdajì kejì sì ṣeé kà geerege. Ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀. Dígí kì í dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án padà, gíláàsì tó sì bo fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fún àwòrán ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́.

Báwo la ṣe wá mọ̀ pé yàrá àti dígí ṣì wà ní ìṣọ̀kan? Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Hany Farid àti James O'Brien, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, gbé e jáde ní ọdún 2012 fún àwọn tó ń wádìí fọ́tò ayédèrú. Ẹ mú orí ìgò ìpara kan lórí pákó, kí ẹ fa ìlà láti orí rẹ̀ lọ sí orí ìgò kan náà nínú dígí, kí ìlà náà sì máa lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgò kejì, fún etí oníbàárà, fún igun àga rẹ̀. Bí dígí bá pẹlẹbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò sì ba nǹkan jẹ́, gbogbo ìlà wọ̀nyí yóò pàdé lójú kan. Nínú fọ́tò ṣọ́ọ̀bù yìí, ibi tí wọ́n ti pàdé náà ni ibi tí okùn wa kan dígí, ìyẹn ibi tí ojú kámẹ́rà wà kí a tó yọ ọ́. Kámẹ́rà ti lọ, àmọ́ gbogbo ìgò tó wà lórí pákó ṣì ń tọ́ka sí ibi tó dúró. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ó ń fi hàn pé a kò sún ohunkóhun tó kù kúrò láyè rẹ̀ ni. Ìlà tí kò bá lọ síbẹ̀ ni kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Àyẹ̀wò yìí náà ló máa ń tú àṣírí ohun tí a yọ ní apá kan. Ìyá onídìrí lè ní kí a yọ ìgò kan kúrò lórí pákó nítorí òun kì í ta irú ìpara yẹn mọ́. Bí a bá yọ ìgò tí a gbàgbé ti inú dígí, ìgò kan yóò wà lọ́hùn-ún tí kò ní ẹnìkejì níhìn-ín. Méjèèjì ni kí a yọ, pẹ̀lú òjìji ìgò náà lórí pákó. Ibi tí ìgò iwájú ti dí ojú dígí, ohun tí dígí rí ni a ó fi dí i, kì í ṣe àwọ̀ pákó.

Ohun tí ọ̀nà fọ́tò méjì kò lè ràn wá lọ́wọ́ lé lórí ni ohun tó ń dán tó sì yíká. Ìdérí dírayà tó ń kọ mànà, orí ẹ̀rọ omi, irin ọwọ́ àga, gbogbo wọn jẹ́ dígí kéékèèké tó wú síta. Kò sí ibi tí a lè sún sí lórí ìlà tépù tí wọn kò ní rí wa, nítorí pé níbikíbi tí a bá wà, apá kan lára ibi wíwú wọn yóò kọjú sí wa tààrà. Àwòrán kámẹ́rà máa ń kéré nínú wọn, ó lè má ju àmì dúdú kan lọ. Ẹ fẹ fọ́tò náà tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ máa wá àmì dúdú yẹn kiri. Níbẹ̀, nítorí pé ó kéré, tí ohun tó yí i ká kò sì ju àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ lọ, a lè fi Clone Stamp mú àwọ̀ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bò ó.